Òfin Yí Padà, Ṣé Àsọtẹ́lẹ̀ Ṣì Bá a Mu? Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Pé Okùn Ti Já

Ìjọba ṣe òfin tuntun. Kò pẹ́ tí nọ́ńbà tí gbogbo ènìyàn ń wò fi já wálẹ̀. Apá kan ní, "Ẹ ò rí i? Òfin ti ṣiṣẹ́." Apá kejì ní nọ́ńbà náà ti máa ń lọ sókè sódò tẹ́lẹ̀, pé kí wọ́n má pariwo. Ẹnìkan wà láàárín wọn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ iye tí oṣù tó ń bọ̀ yóò jẹ́. Ìbéèrè tirẹ̀ yàtọ̀. Kò sí èyí tó kàn án nínú bóyá òfin dára tàbí kò dára. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá fọ́múlà tó ti ń lò bọ̀ láti ọdún pípẹ́ ṣì ṣeé gbára lé, tàbí kó kó o dànù.

Àyẹ̀wò Chow ló ń dáhùn ìbéèrè yìí, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé sì máa ń dárúkọ rẹ̀ bí ẹni pé gbogbo ayé ló ti gbọ́ ọ rí. Mo fẹ́ tú u palẹ̀ níbí pẹ̀lú nọ́ńbà tòótọ́, kí ẹni tó bá mọ ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ girama lè bá mi lọ dé òpin.

## Kí ni okùn, kí sì ni jíjá rẹ̀?

Ẹni tó bá ń sọ ohun tí ọ̀la yóò jẹ́, àná ló ń wò. Ó ti rí i pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá máa ń jọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóṣù yìí, tàbí pé oṣù Kejìlá ọdún yìí máa ń jọ oṣù Kejìlá èṣí. Ohun tó so àná mọ́ ọ̀la yìí ni mo ń pè ní okùn. Fọ́múlà kàn ń sọ bí okùn náà ṣe nípọn tó ni: iye ìpìlẹ̀ kan, ìwọ̀n kan fún oṣù tó kọjá, ìwọ̀n kan fún irú oṣù yìí léṣìí. Nọ́ńbà mẹ́ta péré ni, inú àkọsílẹ̀ àtijọ́ la sì ti kọ́ wọn.

Okùn já nígbà tí àwọn nọ́ńbà mẹ́ta yẹn, tàbí ọ̀kan nínú wọn, kò bá jẹ́ iye tí wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀ mọ́. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Oṣù kan tó burú kì í ṣe okùn tó já. Okùn lè fà, kó tún padà sípò rẹ̀. Jíjá ni pé kò ní padà, pé ẹni tó bá ń fi ìwọ̀n àtijọ́ wọn ọ̀la yóò máa ṣi í wọ̀n sí ọ̀nà kan náà lóṣooṣù.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀yìn òfin ńlá ló máa ń ṣẹlẹ̀ jù? Onímọ̀ ọrọ̀ ajé Robert Lucas ló là á yé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1976. Ó ní àwọn ìwọ̀n tí à ń kọ́ nínú àkọsílẹ̀ kì í ṣe ohun tí a dá mọ́ ayé. Ìṣe àwọn ènìyàn lábẹ́ òfin tó wà nígbà náà ni wọ́n. Tí òfin bá yí, ènìyàn á yí ìṣe wọn, ìwọ̀n tí a kọ́ lánàá á sì di ti àná. Ìgbà tí ìjọba ń béèrè àsọtẹ́lẹ̀ jù lọ ni ìgbà tí fọ́múlà ń sábà gbó.

## Ẹjọ́ bẹ́líìtì: ọdún 1983

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 1983, ó di ọ̀ranyàn ní Bìrìtéènì fún awakọ̀ àti ẹni tó jókòó níwájú láti de bẹ́líìtì. Àkọsílẹ̀ wà fún iye awakọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó kú tàbí tó farapa gidigidi lóṣooṣù, láti oṣù Kìíní 1969 títí dé oṣù Kejìlá 1984. Ó wà nínú R, ohun èlò ìṣirò ọ̀fẹ́ orí kọ̀ǹpútà, lábẹ́ orúkọ `UKDriverDeaths`, torí náà ẹ ò nílò kí ẹ gbà mí gbọ́. Ẹ lè ṣí i fúnra yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fọ́múlà tó rọrùn jù lọ láyé: oṣù yìí yóò rí bí irú rẹ̀ ti rí léṣìí. Òmùgọ̀ fọ́múlà kọ́ nìyẹn o. Ìgbà òtútù tí ilẹ̀ ń tètè ṣú máa ń burú ju ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ, ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Ní oṣù Kejì 1982 iye náà jẹ́ 1,445. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà ó di 2,079. Ẹni tó bá fi oṣù Kejìlá wé oṣù Kejì yóò rò pé ayé ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ìgbà ló yí.

Mo wá yọ àsọtẹ́lẹ̀ kúrò lára ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kù ni mo ń pè ní àlàfo. Tó bá wà lókè òdo, ohun tó ṣẹlẹ̀ ju àsọtẹ́lẹ̀ lọ. Tó bá wà nísàlẹ̀, kò tó o. Àlàfo oṣù méjìlá tó ṣáájú òfin, láti oṣù Kejì 1982 dé oṣù Kìíní 1983, nìyí:

−13, −86, −39, −35, +173, −153, +174, −87, −88, +130, +353, +38

Méje wà nísàlẹ̀, márùn-ún wà lókè. Àwọn kan tóbi, pàápàá 353 ti oṣù Kejìlá, ṣùgbọ́n wọn ò dojú kọ ọ̀nà kan. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ nǹkan bíi +31. Fọ́múlà tí ara rẹ̀ yá nìyẹn: ó ń ṣìnà, àmọ́ kì í ṣì í sí ibì kan náà.

Ti oṣù méjìlá tó tẹ̀ lé òfin, láti oṣù Kejì 1983 dé oṣù Kìíní 1984, nìyí:

−388, −238, −197, −251, −482, −314, −545, −167, −363, −515, −566, −137

Kò sí ẹyọ kan tó wà lókè òdo. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ −347. Lóṣooṣù fún odindi ọdún kan ni fọ́múlà ń pariwo pé ìjàǹbá máa pọ̀ ju bó ti pọ̀ lọ.

## Tí ojú bá ti rí i, kí là ń fi ìṣirò ṣe?

Torí pé ojú máa ń rí ohun tó bá fẹ́ rí. Nínú ẹjọ́ yìí, àfọ́jú pàápàá lè fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ká ní −120 ni ìpíndọ́gba ńkọ́? Nígbà tí àlàfo kan ṣoṣo ṣáájú òfin lè tó 353, ṣé 120 jẹ́ nǹkan? A nílò òṣùwọ̀n tó máa wo ìyàtọ̀ náà lójú bí nọ́ńbà wọ̀nyí ṣe máa ń jà tẹ́lẹ̀.

Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò jù ni èyí tí Gregory Chow gbé jáde lọ́dún 1960. Ẹ fi wé aránṣọ tí wọ́n gbé ènìyàn méjì wá bá, tí wọ́n sì ní kó rán aṣọ. Ó lè rán ìwọ̀n kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì yóò jọ máa wọ̀. Ó sì lè wọn ara oníkálukú, kó rán méjì. Aṣọ méjì yóò bá wọn lára mu ju ọ̀kan lọ, ìyẹn ò lè ṣàì rí bẹ́ẹ̀, kódà kí wọ́n jẹ́ ìbejì. Nítorí náà ìbéèrè kì í ṣe bóyá méjì dára ju ọ̀kan. Ìbéèrè ni bóyá ó fi dára jù ú lọ tó láti san owó aránṣọ lẹ́ẹ̀mejì.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ìwọ̀n kan ṣoṣo tí a ó lò níhìn-ín ni ìpíndọ́gba àlàfo. Lákọ̀ọ́kọ́, a pa gbogbo oṣù 24 pọ̀, ìpíndọ́gba wọn sì jẹ́ nǹkan bíi −158. A wo bí àlàfo kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí −158 tó, a sọ jíjìnnà yẹn di púpọ̀ ní ìlọ́po ara rẹ̀ (tó bá jẹ́ 100, a jẹ́ 100 lọ́nà 100), a sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìlọ́po yẹn ń mú kí òkè àti ìsàlẹ̀ má pa ara wọn rẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,352,741. Ẹ jẹ́ ká pè é ní `S`.

Lẹ́yìn náà a pín wọn. Ọ̀wọ́ tó ṣáájú òfin, a wọn jíjìnnà wọn sí +31 tiwọn: 240,967, ìyẹn `S1`. Ọ̀wọ́ tó tẹ̀ lé òfin, a wọn tiwọn sí −347: 256,737, ìyẹn `S2`. A wá fi wọ́n sínú èyí, níbi tí `n` ti jẹ́ iye oṣù, tí `k` sì jẹ́ iye ìwọ̀n tí a ní láti kọ́ lẹ́ẹ̀kan:

```
F = ((S - S1 - S2) / k) / ((S1 + S2) / (n - 2k))
F = (855037 / 1) / (497704 / 22) = 37.8
```

Apá òkè ń sọ ohun tí a jèrè bí a ṣe rán aṣọ méjì. Apá ìsàlẹ̀ ń sọ bí nọ́ńbà wọ̀nyí ṣe máa ń jà tó láìsí ẹ̀ṣẹ̀ òfin kankan. Tí okùn ò bá já rárá, F máa ń wà ní àyíká 1. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò kọjá 4.30 fún irú iye oṣù yìí. Tiwa jẹ́ 37.8.

Ẹ tún wo `S1` àti `S2` kí ẹ tó kọjá: 240,967 àti 256,737, wọn ò jìnnà síra. Mo máa ń yẹ ibẹ̀ wò kí n tó gba F gbọ́, torí pé òṣùwọ̀n Chow gbà pé ọ̀wọ́ méjèèjì ń jà bákan náà. Tí ọ̀kan bá ń jà ní ìlọ́po mẹ́rin èkejì, F yẹn ò ní sọ òótọ́, ẹ máa ní láti lo irú rẹ̀ mìíràn tó ń fàyè gba ìyàtọ̀ yẹn.

Àbùkù kan ṣì wà nínú ìṣirò mi, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Mo ka oṣù 24 bí ẹlẹ́rìí 24 tí wọn ò mọ ara wọn rí. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Oṣù tó tẹ̀ léra máa ń jọra, bí ẹlẹ́rìí tó ti pàdé lójú ọ̀nà kí wọ́n tó dé kóòtù. Ìyẹn máa ń wú F. 37.8 jìnnà sí 4.30 débi pé kò lè yí èrò mi padà, ṣùgbọ́n ká ní F jẹ́ 6 ni, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Ohun tó ń wo ìyẹn sàn ni kí a fi oṣù tó kọjá kún fọ́múlà, kí ohun tí àwọn oṣù jọ mọ̀ lè wà nínú àsọtẹ́lẹ̀ dípò kó wà nínú àlàfo.

## Tí a ò bá mọ ọjọ́ tí okùn já ńkọ́?

Níbi òfin bẹ́líìtì, ìjọba ló fún wa ní ọjọ́. A ò wo nọ́ńbà kí a tó yàn án, ìyẹn ló fún 4.30 ní agbára. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wo àwòrán, tó rí ibi tó já wálẹ̀ jù, tó wá ṣe àyẹ̀wò níbẹ̀, ó dà bí ẹni tó ju òkò tán kó tó fa ìlà yí ibi tó bọ́ sí ká. Kò lè ṣì í.

Ọ̀nà òótọ́ tí a lè gbé e gbà ni láti dán gbogbo ọjọ́ tó ṣeé ṣe wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a mú F tó ga jù, kí a sì fi ààlà gíga jẹ ẹ́ níyà fún gbogbo yíyàn yẹn. Richard Quandt ti mú èrò náà wá lọ́dún 1960, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní ààlà tó péye fún un títí Donald Andrews fi gbé e jáde lọ́dún 1993. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Fún fọ́múlà oní-nọ́ńbà mẹ́ta tí mo dárúkọ lókè, lórí oṣù 180 láti 1970 dé 1984, torí pé 1969 kò ní èṣí tí a ó fi wé e, ààlà jẹ́ nǹkan bíi 2.66 tí a bá ti mọ ọjọ́ tẹ́lẹ̀. Tí a bá wá ọjọ́ náà fúnra wa, ó di 4.71. Ẹni tó bá rí 3.5 lẹ́yìn tó ti wá káàkiri, tó sì ń fi 2.66 ṣe yàǹgà, irọ́ ló ń pa fún ara rẹ̀.

Nínú wíwá yìí ni pańpẹ́ kan wà tó ti mú èmi alára rí. A kì í dán ọjọ́ tó sún mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí àkọsílẹ̀ wò, torí pé oṣù mẹ́ta mẹ́rin ò tó láti kọ́ ìwọ̀n mẹ́ta. Àṣà ni láti gé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò ní orí àti ní ìdí. Lórí oṣù 180, ìyẹn jẹ́ oṣù 27. Ẹ wá ka iye oṣù tó wà láàárín òfin bẹ́líìtì àti òpin àkọsílẹ̀: láti oṣù Kejì 1983 dé oṣù Kejìlá 1984, 23 ni. Àyẹ̀wò náà ò ní wo ibẹ̀ rárá! Ó máa dá ọ lóhùn, á sì dá ọ lóhùn pẹ̀lú ìgboyà, pé òun ò rí nǹkan kan ní 1983. Mo fi odindi ọ̀sán kan wá àṣìṣe nínú iṣẹ́ mi kí n tó rí i pé ìdá 15 ló bo ojú ẹ̀rọ. Tí a bá sọ ọ́ di ìdá 10, ìyẹn oṣù 18, ilẹ̀kùn á ṣí:

```
library(strucchange)
d <- log10(UKDriverDeaths)
d <- cbind(d, lag(d, k = -1), lag(d, k = -12))
colnames(d) <- c("y", "y1", "y12")
d <- window(d, start = c(1970, 1), end = c(1984, 12))

sctest(y ~ y1 + y12, data = d, type = "Chow", point = 157)
bp <- breakpoints(y ~ y1 + y12, data = d, h = 0.1)
breakdates(bp, breaks = 2)
```

`strucchange` ni àkójọ irinṣẹ́ R tó ń ṣe àyẹ̀wò yìí; `y1` ni oṣù tó kọjá, `y12` ni irú oṣù yìí léṣìí. Ìlà `sctest` ni ti ẹni tó mọ ọjọ́: oṣù 157 ni oṣù Kìíní 1983, èyí tó kẹ́yìn kí òfin tó dé. Ìlà `breakpoints` ni ti ẹni tó ń wá a. `h = 0.1` ni ilẹ̀kùn tí mo ń sọ.

Lẹ́yìn òfin ńlá, ẹ̀gbẹ́ òpin àkọsílẹ̀ gan-an ni ibi tí à ń wá sábà máa ń wà, torí pé òfin ò tíì pẹ́. Nítorí náà ẹ máa béèrè iye oṣù tí àyẹ̀wò gé kúrò kí ẹ tó gba "a ò rí nǹkan kan" gbọ́.

## Kí ni 1973 wá ṣe níbí?

Tí ẹ bá ní kí ẹ̀rọ wá ibi méjì tí okùn ti já, ọ̀kan máa bọ́ sí oṣù Kìíní 1983 bí a ti ń retí. Èkejì máa bọ́ sí oṣù Kẹwàá 1973. Kò sẹ́ni tó ní kó wá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rántí ọdún yẹn mọ̀ pé oṣù Kẹwàá ni wàhálà epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀, epo wọ́n, àti pé ní oṣù Kejìlá, ìjọba Bìrìtéènì fi máìlì 50 ní wákàtí kan ṣe òpin eré sísá ọkọ̀. Ní oṣù Kìíní 1973, iye awakọ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn jẹ́ 2,097. Ní oṣù Kìíní 1974 ó di 1,608.

Èyí ní ìtumọ̀ fún ẹjọ́ bẹ́líìtì. Tí mo bá mú gbogbo oṣù láti 1970 dé oṣù Kìíní 1983 tí mo pè é ní "ìgbà àtijọ́", ènìyàn méjì ló wà nínú aṣọ kan náà kí a tó dé ọ̀dọ̀ ẹnì kẹta. `S1` máa wú, apá ìsàlẹ̀ F máa wú, F fúnra rẹ̀ á sì sọ̀ kalẹ̀. Okùn tó já ní 1973 lè tipa bẹ́ẹ̀ bo èyí tó já ní 1983 mọ́lẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí a bẹ̀rẹ̀ ìgbà àtijọ́ láti oṣù Kọkànlá 1973, ká ṣẹ́ oṣù 111 kù, ká sì fi ìyẹn wé ẹ̀yìn òfin. Àwọn ènìyàn kì í fẹ́ jù nǹkan sílẹ̀, wọ́n gbà pé bí àkọsílẹ̀ bá ti gùn tó ló ṣe dára tó. Àkọsílẹ̀ gígùn tí okùn ti já láàárín rẹ̀ kò sàn ju kúkúrú lọ.

## Ṣé ó túmọ̀ sí pé òfin ló já a?

Rárá. Àyẹ̀wò mọ ọjọ́, kò mọ ẹlẹ́ṣẹ̀. Tí epo bẹntiróòlù bá wọ́n lóṣù kan náà, tàbí tí yìnyín ò bọ́ lọ́dún yẹn, F kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Láti dé orí òfin, ẹ̀rí mìíràn la gbọ́dọ̀ wá, ibi tó sì dára jù láti wá a ni ọ̀dọ̀ ẹni tí òfin ò kàn. Òfin 1983 ò fi ọ̀ranyàn kan ẹni tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. Ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà, òjò kan náà ló ń pa wọ́n, epo kan náà ló ń gbé wọn. Tí okùn ti awakọ̀ bá já tí tiwọn ò sì já, ọwọ́ òfin ló ń tọ́ka sí. Tí méjèèjì bá jọ já lọ́nà kan náà, kí a wá nǹkan mìíràn. Àkọsílẹ̀ àwọn tó jókòó sẹ́yìn wà nínú R bákan náà, nínú `Seatbelts`, òpó tí wọ́n kọ `rear` sí.

Ọjọ́ pàápàá lè jẹ́ ẹ̀tàn. Àwọn ènìyàn gbọ́ nípa òfin kó tó dé, wọ́n lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í de bẹ́líìtì lóṣù mẹ́ta ṣáájú. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, oṣù tí a kà sí ìgbà àtijọ́ ti di ti tuntun. Níbí, àlàfo oṣù Kìíní 1983 jẹ́ +38, tí ti oṣù Kejìlá jẹ́ +353, kò sí àmì pé nọ́ńbà ti ń sọ̀ kí òfin tó dé. Fún òfin owó-orí tàbí owó èlé, tí àwọn oníṣòwò ń sáré ṣáájú rẹ̀, mi ò ní fọkàn tán an bẹ́ẹ̀. Èmi á yọ oṣù tó wà láàárín ìkéde àti ìbẹ̀rẹ̀ kúrò pátápátá kí n tó wọn ohunkóhun.

## Kí ni alásọtẹ́lẹ̀ máa ṣe lóṣù karùn-ún?

Ẹ jẹ́ ká jókòó sí ipò rẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹfà 1983. Ó mọ̀ pé okùn ti já. Oṣù márùn-ún péré ló ní lẹ́yìn òfin, kò tó láti kọ́ fọ́múlà tuntun. Tó bá kó ti àtijọ́ dànù, kò ní nǹkan kan lọ́wọ́.

Ọgbọ́n tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń dá ni pé wọ́n á fi ìwọ̀n àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n á kàn yí iye ìpìlẹ̀ nìkan. Àlàfo oṣù márùn-ún náà jẹ́ 388, 238, 197, 251 àti 482, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 311. Oṣù Keje èṣí jẹ́ 1,488. Yọ 311, ó ku 1,177. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an lóṣù Keje 1983 jẹ́ 1,174. Ẹ má jẹ́ kó wú yín lórí jù, oríire wà nínú rẹ̀: oṣù Kẹjọ tó tẹ̀ lé e, tí a bá fi àlàfo oṣù Keje kún ìpíndọ́gba, ọgbọ́n kan náà sọ 1,372, nígbà tí ohun tó ṣẹlẹ̀ jẹ́ 1,139. Ó ṣì í ní 233. Síbẹ̀ fọ́múlà tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn ì bá ṣì í ní 545.

Àmọ́ oògùn yìí ní ọjọ́ tó ń ṣíwọ́, ó sì máa ń pa ẹni tó bá gbàgbé. Ní oṣù Kejì 1984, "irú oṣù yìí léṣìí" ti di oṣù tó wà lábẹ́ òfin tuntun. Fọ́múlà ti wo ara rẹ̀ sàn láìsí ìrànlọ́wọ́. Ẹ wo àlàfo rẹ̀ láti ìgbà yẹn dé ìparí ọdún: +108, +64, −58, +61, +109, +48, +145, +17, +88, +254, +250. Ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀ mọ́ ti 1983 yóò rí i pé ìpíndọ́gba sọ̀ láti −347 sí −134, yóò sì kọ ọ́ sínú ìròyìn pé agbára òfin ti ń tán. Bẹ́ẹ̀ ìpìlẹ̀ tí à ń fi wé ló yí. Lóòótọ́ iye náà gòkè díẹ̀ ní 1984, ṣùgbọ́n láti oṣù Kejì dé oṣù Kejìlá ọdún yẹn, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15,064; ní àwọn oṣù kan náà ní 1982, 18,004 ni.

Alásọtẹ́lẹ̀ wa tó bá gbàgbé lóṣù Kejì 1984, tó tún yọ 347 kúrò lára 1,057 ti èṣí, yóò sọ pé 710. Ohun tó ṣẹlẹ̀ jẹ́ 1,165.